Bí Àkọsílẹ̀ Ẹ̀yìn Ẹ̀kọ́ Ṣe Kúrò Lọ́wọ́ Alábẹ̀wò Dé Ọwọ́ Olùkọ́

Àkọsílẹ̀ ẹ̀yìn ẹ̀kọ́ ni ọ̀rọ̀ ṣókí tí olùkọ́ ń kọ lẹ́yìn tó bá kọ́ni tán, nípa ibi tí ètò rẹ̀ ti yege tàbí tó ti kùnà àti ohun tí yóò yí padà. Kì í ṣe olùkọ́ ló kọ́kọ́ ń ṣe irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1862, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin tuntun lórí owó ìrànwọ́ tí wọ́n ń fún àwọn ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Òfin náà pàṣẹ pé kí ọ̀gá ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan máa ṣí lọ́ọ̀gì-búùkù lójoojúmọ́, kí ó kọ ọ̀rọ̀ ṣókí sí i nípa bí iṣẹ́ ṣe ń lọ tàbí ohun mìíràn tó bá kan ilé-ìwé àti àwọn olùkọ́ rẹ̀. Ìkìlọ̀ kan tún wà níbẹ̀ tí yóò ya olùkọ́ òde òní lẹ́nu: wọn kò gbọdọ̀ kọ àṣàrò tàbí èrò gbogbogbòò sínú ìwé náà. Ẹni tó láṣẹ láti sọ bóyá ẹ̀kọ́ wọlé ni alábẹ̀wò tí ìjọba ń rán wá láti dán àwọn ọmọ wò nínú ìwé kíkà, ìwé kíkọ àti ìṣirò, àbájáde ìdánwò yẹn ló sì ń pinnu púpọ̀ nínú owó tí ilé-ìwé yóò gbà. Olùkọ́ tí oúnjẹ rẹ̀ so mọ́ irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ kò ní fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ̀kọ́ òun forí ṣánpọ́n.

Kí òfin yẹn tó dé ni àwọn tó ń kọ́ olùkọ́ níṣẹ́ ti ní ọ̀nà tiwọn láti yẹ ẹ̀kọ́ wò lẹ́yìn tí ó bá parí. Ní Glasgow, ìlú kan ní ilẹ̀ Scotland, níbi tí David Stow ti ṣí ilé-ẹ̀kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ní 1837, akẹ́kọ̀ọ́ kan á dúró níwájú àwọn ọmọdé, á kọ́ wọn, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ àti ọ̀gá á sì máa wò ó. Nígbà tó bá parí, wọn á sọ àléébù tí wọ́n rí. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ṣẹ́ mìíràn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Èmi kò fojú tín-ín-rín àṣà yìí, nítorí olùkọ́ kì í rí ẹ̀yìn ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí òǹwòran máa ń tètè rí ni ohun tó hàn sójú: ohùn tó kéré, olùkọ́ tó kẹ̀yìn sí kíláàsì, pátákó tó dọ̀tí. Ohun tó ń lọ nínú orí ọmọ tó jókòó lẹ́yìn kò hàn sójú, ẹni tó kọ́ ẹ̀kọ́ gan-an ló sì máa ń sọ̀rọ̀ kéré jù.

Ọ̀dọ̀ àwọn míṣọ́nnárì àti ìjọba amúnisìn ni iṣẹ́ olùkọ́ ìwé gbà wọ ilẹ̀ Yorùbá, láti ilé-ẹ̀kọ́ṣẹ́ bíi St. Andrew's tó fìdí kalẹ̀ sí Ọ̀yọ́ ní 1896. Lọ́ọ̀gì-búùkù bá a wọlé, ó sì ṣì wà lára ìwé tí òfin ní kí ọ̀gá ilé-ìwé tọ́jú. Ohun tó wá gbilẹ̀ jù lọ láàárín wa ni nóòtì ẹ̀kọ́, tí olùkọ́ ń kọ kí ó tó wọ kíláàsì: àkòrí, èròńgbà, ohun èlò, ìgbésẹ̀ kan tẹ̀ lé òmíràn, àti ìbéèrè ìdánwò ní ìparí. Ẹ kíyè sí i pé ọmọ ni ìbéèrè ìparí yẹn ń yẹ̀ wò. Kò sí ìlà kankan fún ètò ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀.

Ní 1904, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, John Dewey, tó ti dá ilé-ìwé ìdánrawò sílẹ̀ ní Yunifásítì Chicago, kọ àròkọ kan lórí bí ó ṣe yẹ kí a máa kọ́ olùkọ́ níṣẹ́. Ó ní dípò kí a máa tọ́ka sí àléébù kéékèèké nínú iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, kí a kọ́ ọ láti fi ojú ara rẹ̀ ṣèdájọ́ iṣẹ́ rẹ̀, kí ó wádìí ibi tó ti yege àti ibi tó ti kùnà, kí ó sì wá ohun tó ṣeé ṣe kó fà á. Ní tèmi, ibẹ̀ ni gbòǹgbò àkọsílẹ̀ ẹ̀yìn ẹ̀kọ́ wà, nítorí kálàmù kúrò lọ́wọ́ òǹwòran, ó sì béèrè ìdí pẹ̀lú àbájáde. Ó pẹ́ kí ó tó di àṣà ní gbogbogbòò. Ní 1983 ni Donald Schön, tó ń kọ́ni ní MIT, yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà, tẹ ìwé kan jáde lórí bí àwọn amọṣẹ́dunjú, bí ayàwòrán ilé àti oníṣègùn tó ń tọ́jú ìrònú ọkàn ènìyàn, ṣe ń ronú. Ó ya ìrònú tó ń lọ nígbà tí iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́ sọ́tọ̀ sí èyí tó ń wáyé nígbà tí iṣẹ́ bá ti parí. Olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kọ́ ló gbájú mọ́, àmọ́ àwọn ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ gba ọ̀rọ̀ náà wọlé, ìlà fún àṣàrò sì bẹ̀rẹ̀ sí í hàn nísàlẹ̀ fọ́ọ̀mù ètò ẹ̀kọ́.

Ká ní olùkọ́ kan kọ́ àwọn ọmọ Pámárì Kẹrin bí a ṣe ń ro ìdá pọ̀. Ó gé búrẹ́dì kan sí méjì, ó gé òmíràn sí mẹ́rin, lẹ́yìn náà ó kọ 1/2 + 1/4 sójú pátákó. Ọ̀pọ̀ ọmọ kọ 2/6. Bí ó bá kọ “ẹ̀kọ́ lọ dáadáa, àwọn ọmọ díẹ̀ nílò àtúnṣe”, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè fi ìyẹn ṣe. Àkọsílẹ̀ tó wúlò á ní kí a mú ìdáhùn ọmọ bí ó ṣe rí: wọ́n ro òkè pọ̀ mọ́ òkè, wọ́n ro ìsàlẹ̀ pọ̀ mọ́ ìsàlẹ̀. Á wá béèrè ohun tó tì wọ́n síbẹ̀ nínú ètò olùkọ́. Búrẹ́dì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ wà níwájú wọn, ègé méjì ara ọ̀kan àti mẹ́rin ara èkejì, kíkà ègé mẹ́fà sì bá ojú mu. Èyí jẹ́ àbá tí a ní láti dán wò. Nítorí náà, ìlà tó kẹ́yìn nínú àkọsílẹ̀ á yí ìgbésẹ̀ kan ṣoṣo padà: kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ṣẹ́ bébà kan náà sí méjì, kí ó tún un ṣẹ́ sí mẹ́rin, kí ó kun ìdajì àti ìdámẹ́rin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí a tó kọ ohunkóhun sójú pátákó. Ìbéèrè kan á tẹ̀ lé e: ṣé ohun tí a kùn ju ìdajì lọ àbí kò tó o? Ọmọ tó bá ti rí i pé ó ju ìdajì lọ kò ní gba 2/6, nítorí 2/6 kò tó ìdajì. Bí ọmọ bá ṣẹ́ bébà dáadáa, tó sì tún kọ 2/6, olùkọ́ á mọ̀ pé búrẹ́dì kọ́ ló fà á.

Ibi tí ọ̀nà yìí ti máa ń bàjẹ́ kò fara sin. Nígbà tí olùkọ́ àgbà tó ń fún akẹ́kọ̀ọ́ NCE ní máàkì lórí iṣẹ́ ìdánrawò bá tún ń ka àṣàrò rẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ á kọ àléébù tí kò lè pa á lára, irú bíi “àkókò kò tó”, alábẹ̀wò ọdún 1862 á sì ti gba ẹ̀yìn wọlé. Ẹ lè fi ìlà ìyípadà dá a mọ̀: àkọsílẹ̀ tí a kọ fún ẹlòmíràn kì í sọ ìgbésẹ̀ tí yóò yí padà. Ìdíwọ́ kejì ni ibi tí a ń kọ ọ́ sí. Nóòtì ọdún tó kọjá sábà máa ń wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù ọ̀gá nígbà tí olùkọ́ bá ń kọ tuntun. Àwọn kan máa ń lẹ bébà kékeré tí ìyípadà wà nínú rẹ̀ mọ́ ojú ewé àkòrí náà gan-an nínú ìwé iṣẹ́ táàmù, nítorí ìwé yẹn ni wọn yóò kọ́kọ́ ṣí nígbà tí ìdá bá tún kàn.