Èwo ni sípíríìtì, èwo ni pẹ́rọ́ksáìdì?

Ohùn kan ń lọ káàkiri lórí Wáàtsáàpù pé oògùn apakòkòrò tó bá mọ́ bí omi, ayédèrú ni. Ṣé òótọ́ ni?

Irọ́ ni. Ayodíìnì tí a ń fi sí egbò ló sábà máa ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí tíì tó ki. Pẹ́rọ́ksáìdì kò láwọ̀ rárá. Ní ti sípíríìtì, òmíràn mọ́ lóló, wọ́n sì ti pa òmíràn láró díẹ̀. Ẹni tó bá da gbogbo èyí tó mọ́ nù á kàn tún lọ ra òmíràn ni, inú oníkẹ́mísìtì á sì dùn.

Báwo la ṣe máa mọ ayédèrú nígbà náà?

Ara lébẹ́ẹ̀lì ni kí ẹ wò: orúkọ oògùn, bó ṣe lágbára tó, nọ́ńbà NAFDAC, ọjọ́ tí wọ́n ṣe é àti ọjọ́ tí yóò bàjẹ́.

Kí ló dé tí ìgò pẹ́rọ́ksáìdì fi ń dúdú, tí omi inú rẹ̀ sì mọ́?

Ìmọ́lẹ̀ àti ooru ni ọ̀tá rẹ̀. H2O2 ni, tí oòrùn bá ń pa á, á tú ká di omi àti ọ́síjìn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń rọ ọ́ sínú ìgò dúdú tàbí ike funfun tí ojú kò lè là kọjá. Bí ẹ bá rí i nínú ike tó mọ́ gbangba lórí àtẹ ní Ìdúmọ̀tà, lábẹ́ oòrùn ọ̀sán, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé owó oògùn lẹ fẹ́ fi ra omi.

Lébẹ́ẹ̀lì ti bó lára ìgò méjì nílé mi ní Múṣin, omi inú méjèèjì sì mọ́. Èwo lèwo?

Ẹ gbé wọn jìnnà sí sítóòfù àti àbẹ́là. Ẹ da díẹ̀díẹ̀ sínú àwo pẹrẹsẹ méjì. Ẹ má tẹ imú bọ̀ ọ́; ọwọ́ ni kí ẹ fi fẹ́ òórùn rẹ̀ wá. Sípíríìtì á ta sí yín nímú lójú ẹsẹ̀, á sì tètè gbẹ. Pẹ́rọ́ksáìdì kì í fi bẹ́ẹ̀ rùn, á sì wà níbẹ̀ bí omi.

Lẹ́yìn náà, ẹ gé ẹ̀dọ̀ màlúù tútù bíńtín sínú àwo kọ̀ọ̀kan. Tí pẹ́rọ́ksáìdì bá ṣì lágbára, á hó yaya bí ọṣẹ. Nínú sípíríìtì, ẹ̀dọ̀ náà kò ní hó. Ojú rẹ̀ á kàn máa funfun ni. Èyí tí kò rùn tí kò sì hó, omi lásán ló sún mọ́ jù.

Ṣùgbọ́n ibi tí àyẹ̀wò yìí mọ nìyí: ó lè sọ irú ohun tó jẹ́, kò lè sọ bó ṣe lágbára tó. Pẹ́rọ́ksáìdì egbò sábà máa ń jẹ́ 3%. Ti àwọn onídìrí lè tó 12%, ti ilé iṣẹ́ sì lè ju 30% lọ, èyí tó ń jó ara títí á fi funfun. Gbogbo wọn ló ń hó. Nítorí náà, ìgò tí kò ní lébẹ́ẹ̀lì kò gbọdọ̀ kan egbò, kódà bí ẹ bá ti mọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Bó ṣe ń hó lójú egbò, ṣé kòkòrò ló ń kú?

Kì í ṣe ẹ̀rí pé kòkòrò ń kú. Ohun kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ àti ẹran ara wa tó ń já ọ́síjìn kúrò nínú pẹ́rọ́ksáìdì. Òun náà ló wà nínú ẹ̀dọ̀ yẹn. Ẹran ara tuntun tó fẹ́ bo egbò náà ń jẹ nínú ìyà yìí, nítorí náà ẹ má sọ ọ́ di ojoojúmọ́. Omi tó mọ́ àti ọṣẹ tó fún egbò kékeré. Ẹ má sì dà á sínú egbò tó jìn tí ẹnu rẹ̀ há, nítorí atẹ́gùn náà kò ní ríbi jáde.

Ayodíìnì ńkọ́?

Ẹ kán an sórí gààrí. Tó bá di aró dúdú, òun ni.

Ọmọ mi mu nínú ike omi tí mo rọ sípíríìtì sí. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ má fipá mú un bì, ẹ má sì fún un ní epo pupa. Ẹ pe 767 tàbí 112, tàbí kí ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá tó sún mọ́ yín jù. Ẹ mú ike náà dání, àti ìgò tí ẹ ti rọ ọ́ tó bá ṣì wà. Ẹ má dúró wò ó nítorí pé ara rẹ̀ ṣì le: mẹtánọ́ọ̀lù, irú ọtí olóró kan, wà nínú sípíríìtì kan, ó sì lè tó wákàtí mélòó kan kí ọṣẹ́ rẹ̀ tó hàn. Mẹtánọ́ọ̀lù yìí ló wà nínú ògógóró tó pa àwọn èèyàn ní Òde-Ìrèlè, ìpínlẹ̀ Oǹdó, ní 2015. Ojú tó ń ṣú wà lára ohun tí wọ́n kọ́kọ́ rí.