Àyípadà èékánná: fọ́ńgọ́ọ̀sì, sòríásísì àti ẹ̀jẹ̀ ìfarapa

Ọ̀nà tí èékánná lè gbà fi àìsàn hàn kò pọ̀. Ó lè nípọn, ó lè yí àwọ̀ padà, ó lè ní ihò, ó sì lè ṣí kúrò lára ẹran tó lẹ̀ mọ́. Nítorí èyí ni èékánná tí fọ́ńgọ́ọ̀sì ń jẹ, èyí tí àìsàn awọ ara tí wọ́n ń pè ní sòríásísì bà jẹ́, àti èyí tí nǹkan já lù fi máa ń jọra lójú ẹni tó kàn wò wọ́n fìrí. Ohun tó ń yà wọ́n sọ́tọ̀ ni ibi tí àyípadà náà ti bẹ̀rẹ̀ àti ọ̀nà tó ń gbà rìn.

Gbòǹgbò èékánná wà lábẹ́ awọ ìdí rẹ̀, níbi tí ojú kò tó. Ibẹ̀ ni ara ti ń ṣe èékánná, tó sì ń tì í síwájú. Èékánná ọwọ́ ń fi nǹkan bíi mílímítà 3 gùn lóṣù, tẹsẹ̀ sì ń fi nǹkan bíi mílímítà 1 péré gùn. Fún ìdí èyí, ó tó oṣù 6 kí èékánná ọwọ́ tó pààrọ̀ ara rẹ̀ tán, ti àtàǹpàkò ẹsẹ̀ sì lè gba oṣù 12 sí 18.

Fọ́ńgọ́ọ̀sì kì í sábà gba gbòǹgbò wọlé. Abẹ́ etí iwájú tàbí ẹ̀gbẹ́ kan ló máa ń gbà, yóò sì máa jẹun padà sẹ́yìn. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni Tiraikofáítọ̀nì rúbúrọ̀mù, tó jẹ́ ọ̀kan lára ìdílé àwọn tó ń fa làpálàpá. Ẹsẹ̀ ló sábà ń mú ju ọwọ́ lọ, nítorí pé inú bàtà gbóná, ó sì ń rin, èékánná ibẹ̀ sì ń lọ́ra hù. Lọ́pọ̀ ìgbà, awọ àárín ọmọ-ìka ẹsẹ̀ ti ń bó, ó sì ti ń yún ẹni náà tipẹ́ kí èékánná tó bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Tí a bá gé etí èékánná bẹ́ẹ̀, a óò rí ìyẹ̀fun funfun tàbí ràkọ̀ràkọ̀ tó ń já wẹ́wẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Òun ló ń gbé èékánná sókè, tó ń mú kó nípọn. Ó lè jẹ́ èékánná kan tàbí méjì nìkan ló mú, kí àwọn tó kù máa dán.

Ojú lásán kò tó láti fi pè é ní fọ́ńgọ́ọ̀sì, torí pé nínú èékánná ẹsẹ̀ tó nípọn tàbí tó ti bà jẹ́, bí ìdajì ni kì í ṣe fọ́ńgọ́ọ̀sì. Àyẹ̀wò ni wọ́n ń ṣe. Wọ́n á nu kútẹ́ẹ̀sì kúrò, wọ́n á gé etí iwájú dànù, wọ́n á wá ha ìyẹ̀fun láti ibi tó súnmọ́ èékánná tó ṣì dára jù, nítorí ibẹ̀ ni fọ́ńgọ́ọ̀sì ti ń jẹun lọ́wọ́. Ẹni tó bá ha orí èékánná tàbí etí rẹ̀ tó ti kú lè gba èsì pé kò sí nǹkan kan. Ní lábù, wọ́n á fi pọ̀tásíọ̀mù háídírọ́sáìdì yọ́ ìyẹ̀fun náà kí okùn fọ́ńgọ́ọ̀sì lè hàn lábẹ́ maikirosikópù. Wọ́n lè tún gbìn ín wò bóyá fọ́ńgọ́ọ̀sì á hù, ìyẹn sì lè gba tó ọ̀sẹ̀ 4.

Tí ó bá dájú, oògùn tẹ̀bínáfìnì mílígíráàmù 250 lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ ni wọ́n sábà ń fún àgbàlagbà, ọ̀sẹ̀ 6 fún ọwọ́, ọ̀sẹ̀ 12 fún ẹsẹ̀. Dókítà ló gbọ́dọ̀ kọ ọ́, nítorí ó lè ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Oògùn lè parí kí èékánná má tíì yàtọ̀ púpọ̀, èyí tó ń mú kí àwọn ènìyàn rò pé kò ṣiṣẹ́. Ìdí èékánná ló yẹ kí wọ́n wò: tí èékánná tó ń hù jáde níbẹ̀ bá mọ́, tó sì tẹ́, oògùn ti ń ṣiṣẹ́.

Gbòǹgbò gan-an ni ti sòríásísì ti ń bẹ̀rẹ̀. Àìsàn yìí ń mú kí gbòǹgbò ṣe àwọn ìdìpọ̀ kékeré tí kò le dáadáa. Nígbà tí èékánná bá yọ síta, wọ́n á já bọ́, wọn á sì fi ihò wẹ́wẹ́ sílẹ̀ bíi pé wọ́n fi orí abẹ́rẹ́ gún un. Èékánná ọwọ́ ló ti máa ń hàn jù. Ihò náà ń bá èékánná rìn síwájú: èyí tó ti fi mílímítà 6 kúrò ní awọ ìdí ti yọ síta láti bí oṣù 2 sẹ́yìn. Ihò kan tàbí méjì lára ẹni tí ara rẹ̀ le kò jẹ́ nǹkan.

Àmì tó tún lágbára ju ihò lọ ni àbàwọ́n tó pọ́n rúsúrúsú lábẹ́ èékánná, bí epo tó kán sẹ́yìn bébà. Dókítà á tún wo orí, ìgúnpá, orúnkún àti ìdodo fún awọ tó nípọn, tó ń bó. Lára ènìyàn dúdú, irú awọ bẹ́ẹ̀ kì í sábà pupa. Ó máa ń dà bí àwọ̀ àlùkò tàbí eérú. Tí oríkèé tó súnmọ́ èékánná bá wú, tí ó sì ń le láàárọ̀, ó ṣeé ṣe kí sòríásísì ti wọ oríkèé, ìyẹn kò sì yẹ kó pẹ́ nílẹ̀. Sòríásísì náà lè mú abẹ́ èékánná nípọn, fọ́ńgọ́ọ̀sì sì lè wọ èékánná tó ti bà jẹ́ bẹ́ẹ̀, kí méjèèjì wà lójú kan. Fífi ohun ẹnu ṣóńṣó tọ abẹ́ rẹ̀ kó lè mọ́ tún ń dá kún sòríásísì.

Ti ìfarapa kì í ṣòro mọ̀ tí ẹni náà bá rántí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ á dì sábẹ́ èékánná, á pupa, á wá dúdú. Tí ó bá ń dun ẹni gan-an, dókítà lè lu ihò kékeré sójú èékánná kí ẹ̀jẹ̀ tú jáde, ó sì máa ń ṣàǹfààní jù láàárín ọjọ́ 1 tàbí 2 àkọ́kọ́. Bàtà tó há, tàbí eré sísá, lè fa ti ẹsẹ̀ láìjẹ́ pé ẹni náà mọ̀.

Ká sọ pé ọmọ odó já lu àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ẹnì kan. Etí ẹ̀yìn àbàwọ́n dúdú náà fi mílímítà 4 jìnnà sí awọ ìdí. Ó ya fọ́tò rẹ̀ pẹ̀lú rúlà. Lẹ́yìn oṣù 3, ó yẹ kí etí náà ti tó mílímítà 7, kí èékánná tó mọ́ sì ti hù tẹ̀ lé e. Tí àbàwọ́n kò bá kúrò lójú kan, tàbí tó ń fẹ̀, ó lè má jẹ́ ẹ̀jẹ̀.

Ìlà dúdú tó gùn láti ìdí dé etí wọ́pọ̀ lára ènìyàn dúdú, pàápàá tó bá wà lára èékánná púpọ̀, kò sì sábà léwu. Ìlà kan ṣoṣo tó ń fẹ̀ sí i, tàbí dúdú tó ti tàn sí awọ ìdí èékánná, lè jẹ́ jẹjẹrẹ mẹlanómà. Bob Marley, olórin Jàmáíkà, ní irú rẹ̀ lábẹ́ èékánná ẹsẹ̀ ní 1977. Ìfarapa bọ́ọ̀lù ni wọ́n kọ́kọ́ kà á sí. Ó kú ní Màyámì ní oṣù karùn-ún 1981, lẹ́ni ọdún 36. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí wọ́n fi ń mọ̀ dájú ni kí dókítà awọ ara gé díẹ̀ lára ibi tí dúdú náà ti ń jáde, kí wọ́n sì yẹ̀ ẹ́ wò.