Bí A Ṣe Ń To Ẹ̀kọ́ Ìrònúpìwàdà Ọ̀sẹ̀ Mẹ́fà fún Lẹ́ńtì

Kí olùkọ́ tó ṣí Bíbélì, kàlẹ́ńdà ni kó kọ́kọ́ mú. Ní 2027, Ọjọ́rú Eléérú bọ́ sí ọjọ́ 10 oṣù Kejì, Àjíǹde sì bọ́ sí ọjọ́ 28 oṣù Kẹta. Ká ní ìjọ kan ní Mọ́kọ́lá, n'Íbàdàn, ń ṣe ẹ̀kọ́ Bíbélì ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú. Ọjọ́rú Eléérú ti ní ìsìn tirẹ̀, nítorí náà ọjọ́ 17 oṣù Kejì ni ẹ̀kọ́ kìíní yóò wáyé, ìkẹfà yóò sì jẹ́ ọjọ́ 24 oṣù Kẹta. Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà. Ọjọ́ 24 yẹn wà láàárín Ọ̀sẹ̀ Mímọ́, ọjọ́ méjì ṣáájú Fúráìdì Rere. A fẹ́ parí ẹ̀kọ́ sórí ìrètí, bẹ́ẹ̀ wọn ò tíì kan Jésù mọ́ àgbélébùú, áńbọ̀sìbọ́sí kí ibojì ṣófo.

Àwọn olùkọ́ mìíràn máa ń fa Àjíǹde wá síwájú, wọ́n á sì wàásù rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Fúráìdì á wá dà bí ìtàn tá a ti gbọ́ òpin rẹ̀. Àwọn mìíràn á fi ìjọ sílẹ̀ sínú omijé. Ọ̀nà tó dára jù ni kí á wá ìrètí tó ti wà ṣáájú àgbélébùú, ó sì wà nínú Lúùkù orí 22, níbi oúnjẹ alẹ́. Jésù sọ fún Símónì Pétérù pé Sátánì ti bèèrè láti kù yín bí àlìkámà, ṣùgbọ́n mo ti gbàdúrà fún ọ. Èdè wa jẹ́ ká rí i kedere: gbogbo wọn ni “yín” yẹn, Símónì nìkan ni “ọ” yẹn. Ó sì fi kún un pé nígbà tí o bá padà bọ̀ sípò, kí o mú àwọn arákùnrin rẹ lọ́kàn le. “Nígbà tí” ló sọ, kò sọ pé “bí o bá”. Àkùkọ kò tíì kọ, Pétérù kò tíì sẹ́ ẹnikẹ́ni, wọ́n ti gbàdúrà ìpadàbọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ kẹfà máa gúnlẹ̀ sí. Tí a bá ti mọ ibi tí à ń lọ, ó wá rọrùn láti to èyí tó ṣáájú.

Ibi tí à ń lọ yìí ló sọ ohun tí ẹ̀kọ́ kìíní gbọ́dọ̀ jẹ́. Bí oore bá ṣáájú ẹ̀ṣẹ̀ Pétérù, kò yẹ kí á fi àkọsílẹ̀ ẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Bàbá ọmọ onínàákúnàá inú Lúùkù orí 15 ni a fi ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn àgbà ní àgbà kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán, bí kò bá lé ejò, ejò ń lé e. Bàbá yìí sáré, ọmọ ló lé. Kí ọmọ náà tó dé ilé ló ti há ọ̀rọ̀ tó máa sọ sórí: mo ti ṣẹ̀, èmi kò yẹ, fi mí ṣe ọ̀kan lára àwọn alágbàṣe rẹ. Ẹ ka ẹsẹ 19, kí ẹ sì ka ẹsẹ 21 tẹ̀ lé e. Ọ̀rọ̀ alágbàṣe kò jáde mọ́. Bàbá ti ń pe aṣọ, òrùka àti bàtà. Kí olùkọ́ ní kí ẹni méjì kà á sókè, ọ̀kan ẹsẹ 19, èkejì ẹsẹ 21, kí ìjọ fúnra wọn rí ohun tó sọnù.

Ẹ̀kọ́ kejì, tó jẹ́ ti Dáfídì àti Nátánì, kò gbọ́dọ̀ gùn: ẹni tó dá ẹjọ́ ẹlòmíràn gbọ́ pé “ìwọ ni ọkùnrin náà”, ó sì gbà. Ìkẹta, ti Jóẹ́lì orí 2, dá lórí ààwẹ̀ tí à ń gbà lọ́wọ́: ọkàn ni kí á fà ya, kì í ṣe aṣọ.

Ẹ̀kọ́ kẹrin ló nílò àkókò púpọ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń dé ọjà. Ìrònúpìwàdà fúnra rẹ̀ sọ fún wa pé èèyàn ro inú, ó sì pa ìwà dà. Tí ìjọ bá ti ro inú fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tí ìwà ò sì tíì yí, ìbànújẹ́ ló máa kù. Sákéù, agbowó-orí Jẹ́ríkò inú Lúùkù orí 19, la ń lò. Ẹ wo bó ṣe tẹ̀ léra: Jésù ní òun máa wọ̀ sílé rẹ̀, Sákéù fi ayọ̀ gbà á, ẹ̀yìn ìyẹn ló tó mẹ́nu kan owó. Ó ní ìdajì ẹrù òun di ti àwọn tálákà, ẹni tí òun bá sì rẹ́ jẹ, òun á san án ní ìlọ́po mẹ́rin. Òfin Mósè ní Léfítíkù orí 6 kò béèrè tó bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó rẹ́ni jẹ, tó sì jẹ́wọ́: owó náà, pẹ̀lú ìdá márùn-ún rẹ̀ lé e. Ayọ̀ ló sún un kọjá ibi tí òfin dé.

Kí ó má bàa dúró ní Jẹ́ríkò, ẹ gbé kóńgò kan sórí tábìlì, irú èyí tí wọ́n fi ń wọn ìrẹsì ní ọjà Bódìjà, tí wọ́n ti lù nídìí kí ó wọnú. Ẹ fi ìrẹsì kún un, kí ẹ dà á sínú kóńgò tí ìdí rẹ̀ tẹ́jú. Àyè tó ṣẹ́ kù lókè á hàn sí gbogbo ojú. Ìbéèrè tó kàn ni pé tí ẹni tó ni kóńgò yìí bá ronú pìwà dà lónìí, kí ni yóò ṣe ní àárọ̀ ọ̀la? Kò mọ orúkọ àwọn tó ti rajà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó lè ra kóńgò tó pé, kí ó máa wọn ẹ̀kúnwọ́ lé e fún oníbàárà, kí ó sì mú lára èrè fún aláìní. Ẹ jẹ́ kí àwọn oníṣòwò inú ìjọ dáhùn, wọ́n mọ̀ ju olùkọ́ lọ.

Ẹ̀kọ́ karùn-ún gbé Júdásì kalẹ̀, ìṣọ́ra sì pọ̀ níbẹ̀. Ó kábàámọ̀, ó ní òun ṣẹ̀, ó dá ọgbọ̀n owó fàdákà padà. Àwọn olórí àlùfáà tó gbé e lọ bá ní, “Kí ló kàn wá?” Ẹni tó gbé ẹ̀bi lọ bá ni a ń tẹnu mọ́. A kì í fi ikú rẹ̀ ṣe ìdájọ́, nítorí ẹnì kan lè jókòó níbẹ̀ tí irú ikú bẹ́ẹ̀ ti wọ ilé rẹ̀.

Bí ẹ̀kọ́ bá ti ń ṣókùnkùn, àmì kan wà: ẹ̀ṣẹ̀ àwọn tí kò sí níjokòó ni ìjọ á máa sọ, ìjọba, àwọn ọ̀dọ́, ìjọ kejì. Ìbẹ̀rù ló ń fà á. Kí olùkọ́ padà sí ìwé tó kọ sílẹ̀, kí ó fa ìlà pupa sábẹ́ gbogbo gbólóhùn tí Ọlọ́run ti jẹ́ olùṣe. Ojú ewé tí kò bá ní pupa, kí ó tún un kọ. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ojú ewé ẹ̀kọ́ kejì àti ìkẹta ló ń ṣófo.

Lálẹ́ ọjọ́ 24, ẹ ka Lúùkù 22 láti ẹsẹ 31 sí 34, kí ẹ wá ka ẹsẹ 54 sí 62: àkùkọ kọ, Olúwa yíjú wo Pétérù, ó jáde lọ, ó sọkún kíkorò. Ẹ padà ka ẹsẹ 32 lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹ sì túká. Ẹ má fọwọ́ kan Máàkù 16 ẹsẹ 7 lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹ fi í pamọ́ fún ọjọ́ 28, nígbà tí ìjọ yóò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ fún àwọn obìnrin létí ibojì: ẹ lọ sọ fún àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, àti fún Pétérù.