Háàdì kan ṣoṣo kì í ṣe bákọ́ọ̀pù

Bí ẹ bá bi ọ̀pọ̀ oní-fótò n'Ìbàdàn pé ṣé wọ́n ti ṣe bákọ́ọ̀pù àwòrán ìgbéyàwó tí wọ́n yà, èsì wọn ni pé, "Ó ti wà lórí ẹ̀sítánà," ìyẹn háàdì tí wọ́n ń so mọ́ kọ̀ǹpútà látìta. Wọ́n ti kó àwòrán kúrò nínú mẹ́móríì káàdì, wọ́n ti nu káàdì náà nítorí òde tó ń bọ̀, wọ́n sì gbà pé ó ti parí. Ẹ̀dà kan péré ló ṣì wà nílẹ̀. Ilé ni wọ́n kàn pààrọ̀ fún un. Bákọ́ọ̀pù ni ẹ̀dà kejì tó wà níbòmíràn, tí a lè lọ gbé bí àkọ́kọ́ bá bàjẹ́.

Ẹ jẹ́ ká mú ìgbéyàwó Sátidé kan ní Bódìjà: ìdána láàárọ̀, ṣọ́ọ̀ṣì, lẹ́yìn náà àríyá. Ká ní kámẹ́rà méjì ya àwòrán 2,400, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì tó mẹ́gábáìtì 25 nítorí pé ráà ni wọ́n fi yà á, ìyẹn fáìlì ńlá tí kámẹ́rà kò tíì fún pọ̀. Gìgábáìtì 60 nìyẹn.

Háàdì ni mo fẹ́ràn jù fún ẹrù tó pọ̀ báyìí. Bí okùn USB 3 bá wà lẹ́nu rẹ̀, nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló máa fi kó o tán. Àmọ́ awo tó ń yí ló wà nínú èyí tí ọ̀pọ̀ wa ń rà, nǹkan bí ìgbà 5,400 láàárín ìṣẹ́jú kan, orí tó ń kà á sì ń léfòó lókè awo náà láìfarakàn án. Bó bá já bọ́ láti orí tábìlì nígbà tó ń yí, orí yẹn lè gbá awo. Ẹ ó máa gbọ́ "kẹ́, kẹ́, kẹ́", kọ̀ǹpútà ò sì ní rí i mọ́. Bẹ́ ẹ bá ti gbọ́ ọ, ẹ yọ ọ́ kíá, ẹ má sì tún un kì bọ ojú ihò mọ́, torí gbogbo ìgbà tó bá tún yí ni orí náà lè máa ha awo sí i.

Àwọn kan á ní, "Fíláàṣì ni tèmi, kò sóhun tó ń yí nínú ẹ̀." Òótọ́ ni, kì í sábà bàjẹ́ tó bá já bọ́. Wàhálà tiẹ̀ ni pé ayédèrú pọ̀ lọ́jà. Wọ́n á kọ 1TB sára ẹ̀, wọ́n á tà á lówó pọ́ọ́kú, bẹ́ẹ̀ gìgábáìtì 32 péré lè jẹ́ gbogbo ohun tó wà níbẹ̀; wọ́n ti ṣe é kó máa parọ́ fún kọ̀ǹpútà. Ẹ ó kó àwòrán 2,400 sí i, orúkọ gbogbo wọn á hàn, ti ìdána á ṣí dáadáa, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá dé ibi tí wọ́n ti ń gé kéèkì, àwọ̀ eérú lásán lẹ máa rí, tàbí kó má tiẹ̀ ṣí rárá. Ètò ọ̀fẹ́ kan wà fún Windows tó ń jẹ́ H2testw. Á kọ nǹkan kún inú fíláàṣì bámúbámú, á sì kà á padà. Òfìfo fíláàṣì ni kẹ́ ẹ fi yẹ̀ wò, kẹ́ ẹ tó kó iṣẹ́ sí i. Ojúlówó pàápàá, iná mànàmáná kékeré ló fi ń rántí ohun tó wà nínú rẹ̀, ìyẹn sì lè máa jò díẹ̀díẹ̀ tó bá wà nínú dúrọ́ọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Lójú tèmi, fíláàṣì wà fún gbígbé iṣẹ́ fún oníbàárà, kì í ṣe fún ìpamọ́.

Kíláòdù, ìyẹn ibi ìpamọ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ní tiẹ̀, olè tó já ṣọ́ọ̀bù yín kò lè gbé e lọ. Ṣùgbọ́n ẹ ṣírò rẹ̀. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín bá ń gbé mẹ́gábíìtì 4, ìyẹn ìdajì mẹ́gábáìtì kan, lọ sókè ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, gìgábáìtì 60 máa gba nǹkan bíi wákàtí 33, yàtọ̀ sí owó dátà. Àyè ọ̀fẹ́ Google, gìgábáìtì 15 ni, Gmail sì ń jẹ nínú ẹ̀. Àwọn tẹ́ ẹ ti ṣà, tẹ́ ẹ sì ti túnṣe, ni kẹ́ ẹ gbé síbẹ̀: 400 àwòrán, mẹ́gábáìtì 8 lọ́kọ̀ọ̀kan, kò tó wákàtí méjì. Ẹ sì ṣọ́ra fún fódà tí láptọ́ọ̀pù àti kíláòdù jọ ń lò, torí ohun tẹ́ ẹ bá pa rẹ́ nísàlẹ̀ á parẹ́ lókè náà. Google Drive á tọ́jú rẹ̀ sínú Trash fún ọjọ́ 30, ó tán nìyẹn.

Fún ìgbéyàwó Bódìjà yẹn, háàdì méjì ni mo máa lò fún gbogbo ráà, kíláòdù fún àwọn tí a ṣà. Háàdì méjèèjì kò gbọdọ̀ jọ sùn nílé kan. Nígbà tí odò Ògùnpa kún lọ́dún 1980, àti nígbà omíyalé oṣù kẹjọ ọdún 2011, omi kó ẹrù inú ilé lọ. Háàdì méjì tó wà nínú dúrọ́ọ̀ kan ì bá jọ bá a lọ ni. Ẹ gbé ọ̀kan sílé ẹ̀gbọ́n yín ládùúgbò mìíràn.

Káàdì kámẹ́rà ńkọ́? Kẹ́ ẹ tó nù ún, ẹ tẹ Properties lórí fódà tó wà nínú káàdì, kẹ́ ẹ tẹ ẹ́ lórí ti háàdì kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ wò ó bóyá iye fáìlì àti ìwọ̀n wọn bára mu. Ẹ wá ṣí àwòrán díẹ̀ látorí háàdì fúnra rẹ̀, látìbẹ̀rẹ̀, láàárín àti nígbẹ̀yìn. Bí 2,400 bá di 2,397 lórí ọ̀kan, ẹ tún un kó, kẹ́ ẹ má tíì tẹ Format.