Sítáńdáàdì ẹ́rọ̀ àṣẹ́kù

Sítáńdáàdì ẹ́rọ̀ àṣẹ́kù ni nọ́ńbà tó ń sọ bí ohun tí wọ́n wọ̀n gan-an ṣe sábà máa ń jìnnà tó sí ohun tí ìlà rìgírẹ́ṣọ̀n, ìyẹn ìlà tí wọ́n fà gba àárín dátà láti fi sọ àsọtẹ́lẹ̀, sọ pé ó máa jẹ́. Yúníìtì tí wọ́n fi wọn àbájáde náà ni wọ́n fi ń ka òun náà, tó bá jẹ́ kílò ni àbájáde, kílò lòun náà, tó bá jẹ́ ìṣẹ́jú, ìṣẹ́jú ni. Inú èsì tí sọfitiwia R ń gbé jáde tí wọ́n bá ti tẹ `summary()` lọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń kọ́kọ́ rí i, `Residual standard error` ni wọ́n kọ síbẹ̀, ó wà lábẹ́ tábìlì níbẹ̀ yẹn, ṣùgbọ́n ojú sábà máa ń fò ó kọjá lọ bá `R-squared` tó tẹ̀ lé e, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ ìdá tí ìlà náà ṣàlàyé nínú bí àbájáde ṣe yàtọ̀ síra. `Root MSE` ni Stata ń pè é, SPSS ń pè é ní `Std. Error of the Estimate`, nǹkan kan náà ni gbogbo wọn.

Bí wọ́n ṣe ń ṣírò rẹ̀

Dátà kan wà tó máa ń bá R wá, `cars` lorúkọ ẹ̀, láàárín ọdún 1920 sí 1929 ni wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀. Ìlà 50 ló wà níbẹ̀, ìlà kọ̀ọ̀kan sì ń sọ bí mọ́tò kan ṣe ń sáré tó, ìyẹn máìlì ní wákàtí kan, àti iye ẹsẹ̀ bàtà tó rìn kó tó dúró. Iye ẹsẹ̀ bàtà yẹn ni àbájáde tí wọ́n fẹ́ mọ̀.

```r
m <- lm(dist ~ speed, data = cars)
summary(m)
sigma(m)
```

Ohun tí R máa sọ ni pé kí wọ́n fi 3.93 lọ́po eré mọ́tò náà, kí wọ́n wá yọ 17.58 kúrò níbẹ̀, ohun tó bá kù ni ẹsẹ̀ bàtà tí ìlà náà rò pé mọ́tò máa rìn kó tó dúró. Nísàlẹ̀ èsì náà lèyí wà:

```
Residual standard error: 15.38 on 48 degrees of freedom
```

Ibi tí 15.38 ti wá ò ṣòro rárá. Fún mọ́tò kọ̀ọ̀kan, wọ́n á yọ ohun tí ìlà sọ kúrò nínú ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an, ohun tó bá ṣẹ́ kù ni wọ́n ń pè ní àṣẹ́kù, òmíràn á lé, òmíràn á dín. Bí àpẹẹrẹ, mọ́tò kan wà tó ń sá máìlì 24, ẹsẹ̀ bàtà 120 ló rìn kó tó dúró, bẹ́ẹ̀ 76.8 ni ìlà sọ, àṣẹ́kù tiẹ̀ jẹ́ 43.2, òun ló sì tóbi jù nínú gbogbo 50. Wọ́n á wá fi àṣẹ́kù kọ̀ọ̀kan lọ́po ara rẹ̀ kí àmì ìyọkúrò má bàa pa èyí tó lé rẹ́, wọ́n á ro gbogbo ẹ̀ pọ̀, ó máa fún wọn ní nǹkan bí 11,353.5. Wọ́n á fi 48 pín in, ó di 236.5, wọ́n á sì wá sukúwíà rúùtù ìyẹn, ó di 15.38.

Ẹ jẹ́ ká wo yúníìtì níbẹ̀ torí òun gan-an ló jẹ́ kí nọ́ńbà yìí wúlò. Nígbà tí wọ́n fi àṣẹ́kù lọ́po ara ẹ̀, yúníìtì ti kúrò ní ẹsẹ̀ bàtà, ó ti di sukúwíà ẹsẹ̀ bàtà, ìyẹn nǹkan tí wọ́n fi ń wọn ilẹ̀, kò sì sí bí èèyàn ṣe lè fi 236.5 sukúwíà ẹsẹ̀ bàtà ronú nípa mọ́tò tó fẹ́ dúró. Sukúwíà rúùtù tí wọ́n wá nígbẹ̀yìn ló dá a padà sí ẹsẹ̀ bàtà lásán.

Ní ti pé 48 ni wọ́n fi pín dípò 50, ìyẹn `degrees of freedom` tó wà nínú èsì yẹn, ohun méjì ni dátà náà ti bá wọn wá, ìyẹn 3.93 àti 17.58, ìlà tí wọ́n sì fi dátà kan náà fà ti sún mọ́ dátà yẹn ju bó ṣe yẹ lọ díẹ̀, ni wọ́n ṣe yọ méjì kúrò kí nọ́ńbà náà má bàa kéré jù. Tí wọ́n bá fi 50 pín in, 15.07 ló máa jẹ́. Níbí ìyàtọ̀ yẹn ò tó nǹkan, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé ìlà dátà 12 lèèyàn ní tó sì kó nǹkan mẹ́fà sínú módẹ́ẹ̀lì, ọ̀rọ̀ náà á yàtọ̀ gan-an.

Kí ni ẹsẹ̀ bàtà 15.38 ń sọ?

Kì í ṣe ibi tí àṣìṣe pin sí, a ṣáà ti rí ẹni tó fi 43 lé. Kì í sì í ṣe áfíréèjì àṣìṣe bí ọ̀pọ̀ ṣe máa ń kọ ọ́. Tí wọ́n bá mú àṣẹ́kù 50 yẹn láìwo èyí tó lé àti èyí tó dín, tí wọ́n wá áfíréèjì wọn, 11.58 ni. Ìdí tí 15.38 fi ju ìyẹn lọ ni pé fífi nǹkan lọ́po ara rẹ̀ máa ń jẹ́ kí àṣìṣe ńlá díẹ̀ pariwo ju àwọn kéékèèké lọ, méjì tàbí mẹ́ta tó burú gan-an lè gbé gbogbo ẹ̀ sókè.

Ọ̀nà tó rọrùn jù láti kà á ni kí wọ́n lọ ka àwọn mọ́tò náà fúnra wọn. Nínú 50, 37 ló wà láàárín ẹsẹ̀ bàtà 15.38 sí ìlà, yálà lókè tàbí nísàlẹ̀, ìyẹn ìdá 74 nínú 100. Tí wọ́n bá sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, ìyẹn nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 31, 47 ló wọlé, mẹ́ta péré ló wà níta. Tó bá jẹ́ pé bí agogo ni àwọn àṣẹ́kù pín ara wọn ká, tí wọ́n pọ̀ láàárín tí wọ́n sì ń dín kù lápá méjèèjì, nǹkan bí ìdá 68 àti ìdá 95 ni wọ́n máa ń retí, a ò sì jìnnà síbẹ̀.

Ó tún dáa kí wọ́n bi ara wọn pé báwo ni àṣìṣe ì bá ṣe tó ká ní wọn ò mọ eré mọ́tò rárá. Ẹni tí ò mọ̀ ọ́n á máa sọ áfíréèjì fún gbogbo mọ́tò, ìyẹn ẹsẹ̀ bàtà 42.98, sítáńdáàdì dìfíéṣọ̀n àwọn ẹsẹ̀ bàtà yẹn, ìyẹn bí wọ́n ṣe sábà máa ń jìnnà tó sí áfíréèjì, sì jẹ́ 25.77. Nítorí náà mímọ eré ti já àṣìṣe wálẹ̀ láti nǹkan bí 26 sí 15, ìyẹn nǹkan bí ìdá 40 nínú 100. Bẹ́ẹ̀ `R-squared` ní tiẹ̀ ń sọ pé 0.65, ẹni tó bá kà á kíákíá á rò pé àṣìṣe ti fi ìdá 65 dín. Kì í ṣe irọ́ ni `R-squared` ń pa, sukúwíà ẹsẹ̀ bàtà ló fi ń ṣírò tiẹ̀, ẹni tó fẹ́ mọ ibi tí mọ́tò máa dúró sí ò sì bá sukúwíà ṣe.

Tí wọ́n bá fẹ́ sọ nípa mọ́tò kan

Ká ní mọ́tò kan ń sá máìlì 15 ní wákàtí kan, ìlà á sọ pé ẹsẹ̀ bàtà 41.4 ni. R lè bá wọn wá ààlà méjì sí i, ọ̀tọ̀ sì ni ìbéèrè tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń dáhùn.

```r
x <- data.frame(speed = 15)
predict(m, x, interval = "confidence")
predict(m, x, interval = "prediction")
```

Ti àkọ́kọ́ jẹ́ 37 sí 46, áfíréèjì gbogbo mọ́tò tó ń sá máìlì 15 nìyẹn ń sọ. Ti ìkejì jẹ́ 10 sí 73, ìyẹn sì ni ti mọ́tò kan ṣoṣo tó ń bọ̀ lọ́nà. Ààlà ìkejì yìí fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ torí pé 15.38 wà nínú ẹ̀ odidi, ìlọ́po méjì rẹ̀ lápá kọ̀ọ̀kan àti díẹ̀ lé e. Tí wọ́n bá lọ kó dátà mọ́tò 5,000 wá, ààlà àkọ́kọ́ á fún pọ̀ gan-an, àmọ́ ìkejì ò ní fi bẹ́ẹ̀ mira, torí bí mọ́tò ṣe yàtọ̀ síra ò ní tìtorí pé wọ́n wọn púpọ̀ dópin. Nǹkan tó lè dín 15.38 kù ni kí wọ́n mọ nǹkan míì nípa mọ́tò náà, bíi bó ṣe wúwo tó tàbí irú bíréèkì tó ní, tàbí kí ìlà náà fúnra rẹ̀ bá dátà mu ju báyìí lọ.

Ibí ni wọ́n ti sábà máa ń fi í pe `Std. Error` tó wà nínú tábìlì. Ti eré mọ́tò níbẹ̀ jẹ́ 0.4155, yúníìtì tiẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà fún máìlì kọ̀ọ̀kan ní wákàtí, bí 3.93 ṣe dájú tó ló ń sọ, òun ní tiẹ̀ máa ń kéré sí i bí dátà bá ṣe ń pọ̀.

Ibi tí nọ́ńbà kan ṣoṣo ò ti tó

Ohun tí 15.38 gbà láìsọ ni pé bákan náà ni àwọn àṣẹ́kù ṣe fẹ̀ níbi gbogbo lórí ìlà. Nínú `cars`, kò rí bẹ́ẹ̀. Mọ́tò 19 ló ń sá máìlì 13 tàbí tó lọ́ra jù bẹ́ẹ̀, nínú wọn ẹyọ kan ló jìnnà sí ìlà ju 15.38 lọ, díẹ̀ báyìí ló sì fi lé. Nínú 31 tó kù tí wọ́n ń sá máìlì 14 sókè, 12 ló jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyẹn ni pé 15.38 ti pọ̀ jù fún àwọn tó ń rọra lọ, ó sì kéré fún àwọn tó ń sáré, áfíréèjì ni wọ́n fi bo ìyàtọ̀ yẹn mọ́lẹ̀. Ní máìlì 4 tiẹ̀ ni ìlà náà ti sọ pé mọ́tò máa rìn ẹsẹ̀ bàtà 1.85 tó dín sí òdo kó tó dúró, mọ́tò wo ló ń dúró sẹ́yìn ibi tí wọ́n ti tẹ bíréèkì ẹ̀? Gíráàfù tí wọ́n á fi rí i ni `plot(m, which = 1)`, tí àwọn àmì bá ń fẹ̀ bí wọ́n ṣe ń lọ sápá ọ̀tún, kí wọ́n má fi nọ́ńbà kan ṣoṣo ṣèlérí fún gbogbo mọ́tò.

Tí yúníìtì bá yí

Tí wọ́n bá yí ẹsẹ̀ bàtà sí mítà, 15.38 á di 4.69, `R-squared` ò ní yí rárá, ìlà náà ò sì dáa jù ti tẹ́lẹ̀ lọ. Èyí tó máa ń tan èèyàn jẹ ni tí wọ́n bá yí àbájáde fúnra rẹ̀ padà, bíi `lm(sqrt(dist) ~ speed, data = cars)`, tí wọ́n sábà máa ń ṣe kí àwọn àṣẹ́kù lè fẹ̀ bákan náà. Nọ́ńbà náà á já sí 1.102, ẹni tí ò fura á ní àṣìṣe ti kúrò ní 15 ó ti di 1, bẹ́ẹ̀ sukúwíà rúùtù ẹsẹ̀ bàtà ni 1.102 yẹn, kì í ṣe ẹsẹ̀ bàtà mọ́. Tí wọ́n bá fẹ́ fi módẹ́ẹ̀lì méjèèjì wéra, wọ́n ní láti kọ́kọ́ fi àsọtẹ́lẹ̀ ti ìkejì lọ́po ara rẹ̀ kó padà di ẹsẹ̀ bàtà, kí wọ́n wá yọ ọ́ kúrò nínú ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an, kí wọ́n sì ṣírò àṣẹ́kù látibẹ̀.