Bí a ṣe ń sọ káróṣẹ́ẹ̀lì di fídíò kúkúrú: ohùn tó bá síláìdì kọ̀ọ̀kan mu

Káróṣẹ́ẹ̀lì ni ọ̀wọ́ àwòrán tí a kọ ọ̀rọ̀ sí, tí a gbé sórí ayélujára pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tí òǹkàwé ń fi ìka fà láti orí ọ̀kan bọ́ sórí èkejì. Àwòrán kọ̀ọ̀kan là ń pè ní síláìdì. Tí ẹ bá ti ṣe ọ̀kan parí, iṣẹ́ tó le jù ti kúrò nílẹ̀: ẹ ti wádìí ọ̀rọ̀, ẹ ti gé e sí wẹ́wẹ́, ẹ sì ti mọ èyí tó yẹ kó ṣáájú àti èyí tó yẹ kó kẹ́yìn. Ohun tó kù kí ó tó di fídíò kúkúrú ni sìkírípìtì, ìyẹn ìwé tó ń sọ ohun tí ojú yóò rí àti ohun tí etí yóò gbọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ohun tí etí yóò gbọ́ yẹn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí jù, torí ibẹ̀ ni iṣẹ́ náà ti máa ń bàjẹ́.

Ẹni tó ni àkókò lọ́wọ́ ló yàtọ̀ láàárín káróṣẹ́ẹ̀lì àti fídíò. Ẹni tó ń wo káróṣẹ́ẹ̀lì ló ń pinnu bí òun yóò ṣe pẹ́ tó lórí síláìdì kan. Tí ọ̀rọ̀ kò bá yé e, á dúró, á tún un kà, á tiẹ̀ lè padà sẹ́yìn. Nínú fídíò, ẹ̀yin tí ẹ ṣe é lẹ ń pinnu. Síláìdì á kọjá lọ, yálà ó ti kà á tán tàbí kò tíì kà á tán. Nítorí náà, ohùn ló gbọ́dọ̀ máa darí àwòrán: iye àkókò tí ọ̀rọ̀ kan bá gbà lẹ́nu ni síláìdì tirẹ̀ yóò fi wà lójú. Ẹni tó bá kọ́kọ́ pín àkókò lọ́gbọọgba fún gbogbo síláìdì, tó wá ń wá ọ̀rọ̀ tí yóò kì bọ̀ ọ́, á máa sáré sọ̀rọ̀ níbì kan, á sì máa fa ọ̀rọ̀ gùn níbòmíràn.

Kí wá ni ìtumọ̀ pé ohùn bá síláìdì mu? Kì í ṣe pé kí ẹ ka ohun tó wà níbẹ̀ bó ṣe wà. Ojú máa ń yára kàwé ju ẹnu lọ. Kí ẹnu tó dé ìdajì gbólóhùn, òǹwòran ti kà á tán, ó wá ń dúró dè yín kí ẹ sọ ohun tó ti mọ̀. Kì í sì í ṣe pé kí ẹ máa sọ ohun tó yàtọ̀ pátápátá, torí ó ṣòro fún èèyàn láti máa ka ọ̀rọ̀ kan kó tún máa gbọ́ òmíràn lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀kan nínú méjèèjì á bọ́ nù. Ìbámu ni pé kí síláìdì sọ kókó, kí ohùn sọ ìdí rẹ̀ tàbí bó ṣe ń ṣẹlẹ̀, kí ọ̀rọ̀ kókó náà sì jáde lẹ́nu ní àsìkò tí ojú ń rí i. Orúkọ tí síláìdì bá pe nǹkan ni kí ohùn náà pè é. Tí ẹ bá kọ "bátìrì" sójú fídíò, tí ẹnu wá ń sọ "agbára fóònù", òǹwòran á kọ́kọ́ máa rò ó bóyá nǹkan kan náà ni. Ìgbà tó bá fi máa rò ó tán, síláìdì ti lọ.

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan. Káróṣẹ́ẹ̀lì kan ní síláìdì 6, àkòrí rẹ̀ sì ni "Kí ló ń tètè ba bátìrì fóònù jẹ́?" Síláìdì 1 ni àkòrí yìí. Síláìdì 2 sọ̀rọ̀ nípa ooru, ìkẹta nípa fífi fóònù síná títí ilẹ̀ fi mọ́, ìkẹrin nípa jíjẹ́ kí bátìrì kú fin-ín fin-ín kí a tó fi síná. Ìkarùn-ún to ohun 4 tó yẹ ká ṣe, ìkẹfà sì ní kí òǹkàwé tọ́jú rẹ̀ pamọ́. Ohun tó wà lórí síláìdì 2 nìyí:

"Ooru ni ọ̀tá bátìrì. Bátìrì tó bá ń gbóná lemọ́lemọ́ máa ń tètè gbó. Ẹ má gbé fóònù sínú oòrùn. Ẹ má fi síná lábẹ́ ìrọ̀rí."

Ọ̀rọ̀ yìí dára fún ẹni tó ń kà á jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Fún fídíò, ó ti pọ̀ jù lójú, bẹ́ẹ̀ ni kò tíì sọ ìdí kankan. Bí mo ṣe máa kọ ọ́ sínú sìkírípìtì nìyí:

Ojú: "Ooru ni ọ̀tá bátìrì." Àwòrán fóònù nìkan. Oòrùn á yọ, lẹ́yìn náà ìrọ̀rí.

Etí: "Àkọ́kọ́ ni ooru. Kẹ́míkà ló wà nínú bátìrì. Tí ooru bá pọ̀, kẹ́míkà yẹn á máa bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀. Torí náà, ẹ má gbé fóònù sínú oòrùn, ẹ má sì fi síná lábẹ́ ìrọ̀rí."

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Gbólóhùn mẹ́ta nínú mẹ́rin ti kúrò lójú, wọ́n ti bọ́ sẹ́nu. Oòrùn kò yọ títí ẹnu fi dárúkọ oòrùn, ìrọ̀rí náà sì dúró de orúkọ tirẹ̀. "Àkọ́kọ́ ni" kò sí lórí síláìdì rárá, ṣùgbọ́n ohùn kò lè ṣe láìsí i. Nínú káróṣẹ́ẹ̀lì, ìka tó fa àwòrán ló ń sọ fún òǹkàwé pé ọ̀rọ̀ tuntun ti dé. Fídíò kò ní ìka, nítorí náà "àkọ́kọ́ ni", "òmíràn ni pé", "ṣùgbọ́n" àti "ìdí nìyẹn" ni yóò ṣe iṣẹ́ yẹn. Tí wọn kò bá sí, ohùn á dà bíi ti ẹni tó ń ka àkòrí ìwé lọ́kọ̀ọ̀kan.

Síláìdì 3 ní nọ́ḿbà nínú, ibẹ̀ sì ni òfin pé kí a má ka ohun tó wà lójú ti yí padà. Tí ojú bá rí "80% ti tó", ẹnu gbọ́dọ̀ sọ iye náà gan-an, ní ìṣẹ́jú-àáyá tó yọ. Ẹ má sọ pé "tó bá ti fẹ́ẹ̀ kún". Bákan náà ni pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí ẹ yọ láti ẹnu ẹlòmíràn, àti bọ́tìnnì tí ẹ fẹ́ kí èèyàn tẹ̀: ẹ kà á bó ṣe wà. Nínú sìkírípìtì, ẹ kọ nọ́ḿbà náà bí ẹnu yóò ṣe pè é. Tí ẹ bá fẹ́ sọ "ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún", ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Tó bá sì jẹ́ "éétì pásẹ́ǹtì", ẹ kọ ìyẹn. Ẹni tó bá rí 80 níwájú rẹ̀ nígbà tó ń gba ohùn sílẹ̀ á dúró díẹ̀ láti pinnu, ìdúró yẹn á sì hàn.

Síláìdì 5, èyí tó to nǹkan 4, ló máa ń dààmú èèyàn jù. Ó ní: ẹ dín ìmọ́lẹ̀ ojú fóònù kù, ẹ yọ kéèsì tí ẹ fi bo ẹ̀yìn rẹ̀ tó bá ń gbóná lórí iná, ẹ yọ ọ́ lórí iná tó bá dé 80, ẹ fi síná kó tó lọ sísàlẹ̀ 20. Tí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá yọ lẹ́ẹ̀kan náà, òǹwòran á ti máa ka ìkẹrin nígbà tí ẹ ṣì ń sọ èkíní. Ojútùú rẹ̀ ni pé kí ẹ sọ síláìdì kan yìí di fọ́tò 4 tí ẹ̀yìn wọn jọra, kí ìlà kan máa wọlé lẹ́yìn èkejì, kí ìlà tó ti wọlé má sì kúrò. Ohùn níbí lè kúrú gan-an, torí ẹ ti sọ ìdí wọn ṣáájú. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ nǹkan 10 ni síláìdì yín tò, èyí kò ní ràn yín lọ́wọ́. Ẹ mú mẹ́ta nínú wọn, kí ẹ fi ìyókù sílẹ̀ fún fídíò mìíràn. Tábìlì tó ń fi nǹkan wé ara wọn lọ́nà púpọ̀ náà kì í bọ́ sí fídíò dáadáa. Mo máa fi irú ẹ̀ sílẹ̀ ní káróṣẹ́ẹ̀lì tó wà.

Báwo la ṣe máa mọ bó ṣe máa gùn tó? Àwọn tó ń kọ sìkírípìtì lédè Gẹ̀ẹ́sì sábà máa ń fi nǹkan bí ọ̀rọ̀ 150 ṣírò ìṣẹ́jú kan. Ìṣirò yẹn kò wúlò fún wa, torí ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ Yorùbá kúrú, ẹnu sì máa ń pa wọ́n pọ̀. Ẹ ka sìkírípìtì yín sókè, kì í ṣe nínú ọkàn, kí ẹ fi aago fóònù wọn síláìdì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Fún àpẹẹrẹ wa, mo máa fún síláìdì 1 ní ìṣẹ́jú-àáyá 4, ìkejì àti ìkẹta ní 8-8, ìkẹrin ní 6, ìkarùn-ún ní 14, ìkẹfà ní 4. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 44. Nínú 14 ti ìkarùn-ún, ìlà kọ̀ọ̀kan gba 3, méjì tó kù sì jẹ́ kí gbogbo ìlà dúró pọ̀ lójú. Tí aago bá sọ pé ẹ ti kọjá 60, ọ̀rọ̀ ni kí ẹ gé. Ẹ má mú ohùn yára.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ gba ohùn sílẹ̀, ẹ gba ti síláìdì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, kí ẹ fi ìdákẹ́jẹ́ díẹ̀ sí ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin rẹ̀. Tí ẹ bá ṣi síláìdì 4 kà, òun nìkan lẹ máa tún gbà. Lẹ́yìn náà lẹ ó wá fa àwòrán gùn tàbí gé e kúrú títí yóò fi bá ohùn dọ́gba.

Ìwọ̀n àwòrán náà yẹ kó wà nínú sìkírípìtì. Ọ̀pọ̀ káróṣẹ́ẹ̀lì jẹ́ píkísẹ́lì 1080 × 1350, fídíò tó dúró gbọọrọ sì jẹ́ 1080 × 1920. Àyè 570 ló ṣẹ́ kù, ó sì máa ń wu èèyàn láti kó ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ fídíò, èyí tó ń fi ohùn hàn ní lẹ́tà, sí ìsàlẹ̀ pátápátá. Ibẹ̀ gan-an ni orúkọ àkáǹtì àti àwọn bọ́tìnnì ti máa ń bo ọ̀rọ̀. Ẹ gbé e sókè, sí àyè tí àwọn gbólóhùn tí ẹ yọ kúrò lójú síláìdì ti fi sílẹ̀.

Kí ẹ tó gbé fídíò náà jáde, ẹ dijú kí ẹ gbọ́ ohùn nìkan. Gbólóhùn bíi "ẹ fà á sápá òsì" tàbí "bí a ṣe rí i ní síláìdì tó kọjá" á fara hàn kíákíá, torí ti káróṣẹ́ẹ̀lì ni wọ́n. "Ó" tí kò ní orúkọ tó ń tọ́ka sí náà á hàn. Lẹ́yìn náà, ẹ pa ohùn, kí ẹ wò ó. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń wo fídíò láìtan ohùn, nítorí náà, tí ẹ kò bá lè ka ọ̀rọ̀ kan tán kó tó lọ, àkókò síláìdì yẹn kò tó.

Síláìdì 6 ló kù, èyí tó ní "Ẹ tọ́jú èyí pamọ́." Nínú fídíò, kò yẹ kó dá dúró. Tí òǹwòran bá ti rí i pé ọ̀rọ̀ tán, ó ti kọjá sí fídíò mìíràn. Èmi á yọ síláìdì náà, mo á sì gbé ohùn rẹ̀ sórí síláìdì 5, nígbà tí ìlà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣì wà lójú: "Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nìyí. Ẹ tọ́jú fídíò yìí kí ẹ lè rí wọn tún kà." Ìṣẹ́jú-àáyá 44 náà ṣì ni, àmọ́ 6 tó gbẹ̀yìn nínú rẹ̀ ni òǹwòran yóò fi ka ohun tí à ń sọ fún un pé kó tọ́jú.