Ẹnu ẹni tó ń fi tíúbù jẹun náà ń dọ̀tí, ó tún lè dọ̀tí ju tẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń jẹ ẹ̀bà lọ

Tí mo bá délé tí wọ́n ti ń tọ́jú ẹni tí kò lè dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, tí mo bá béèrè pé ìgbà wo lẹ fọ ẹnu màmá gbẹ̀yìn, ìdáhùn tí mo máa ń gbọ́ jù ni pé "Nọ́ọ̀sì, ṣebí wọn ò jẹ nǹkan kan láti ẹnu, kí la fẹ́ fọ̀ níbẹ̀?" Ẹlòmíì á ní eyín bàbá ti ká tán, kò sí nǹkan tí búrọ́ọ̀ṣì fẹ́ fọ̀ mọ́. Mi ò lè bá wọn jà, torí ó jọ ọ̀rọ̀ gidi: oúnjẹ ló ń dọ̀tí ẹnu, tí oúnjẹ ò bá ti gba ibẹ̀ kọjá, ẹnu á mọ́ fúnra ẹ̀. Àmọ́ irọ́ ni o, òdìkejì ẹ̀ gan-an ló ń ṣẹlẹ̀.

Kòkòrò àìfojúrí ló ń dọ̀tí ẹnu, oúnjẹ kàn ń ràn wọ́n lọ́wọ́ ni. Wọ́n ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, lórí ahọ́n, lára èrìgì, nínú ẹ̀rẹ̀kẹ́, bóyá èèyàn ní eyín àbí kò ní. Ohun tó ń dá wọn dúró lára ẹni tí ara ẹ̀ le ni itọ́, torí itọ́ tí ẹnu ń sun lójúmọ́ lè tó lítà kan, bí a ṣe ń jẹ nǹkan lẹ́nu, tá a ń sọ̀rọ̀, tá a ń gbé itọ́ mì, ṣe ló ń gbá wọn lọ sínú ikùn níbi tí ásíìdì á ti pa wọ́n. Ìgbà tí èèyàn ò bá jẹ nǹkan lẹ́nu mọ́, itọ́ á dínkù. Tó bá tún wá ń fi ẹnu mí, tí ẹnu ẹ̀ ń là sílẹ̀ láti òru mọ́jú, tàbí tí wọ́n fi ọ́síjìn sí i, tàbí tó ń lo àwọn oògùn kan tó ń mú ẹnu gbẹ, ìwọ̀nba itọ́ tó kù á dì pọ̀ bíi gọ́ọ̀mù, á sì lẹ̀ mọ́ òkè ẹnu. Bí omi gọ́tà tí kò ṣàn mọ́ nìyẹn.

Òórùn ẹnu nìkan kọ́ ni wàhálà ibẹ̀ o, torí tó bá jẹ́ òórùn nìkan, à bá fara dà á. Ẹni tí sítróòkù mú, ọ̀nà ọ̀fun ẹ̀ lè má ṣiṣẹ́ dáadáa, itọ́ á máa yọ́ gba ọ̀nà afẹ́fẹ́ lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró láìjẹ́ pé ó wúkọ́ rárá, pàápàá tó bá ń sùn. Ibí yìí gan-an làwọn èèyàn ti máa ń ṣi tíúbù lóye, wọ́n rò pé ìgbà tí dókítà ti ki tíúbù gba imú lọ sí ikùn, kò sí nǹkan tó tún lè wọ ẹ̀dọ̀fóró. Oúnjẹ ni tíúbù ń gbé, kì í gbé itọ́. Itọ́ tó kún fún kòkòrò yẹn ló ń fa otútù àyà fún ọ̀pọ̀ nínú wọn, ilé á wá máa sọ pé fáànù ló fà á, àbí omi tútù tí wọ́n fi wẹ̀ fún wọn.

Wọ́n ti dán èyí wò rí ní Jàpáànù, nínú ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà 11, àbájáde ẹ̀ sì jáde ní 2002. Ọdún méjì ni wọ́n fi ṣe é. Apá kan nínú àwọn àgbàlagbà yẹn, àwọn òṣìṣẹ́ ń bá wọn fọ ẹnu lẹ́yìn oúnjẹ, apá kejì ń bá bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ. Níbi tí wọn ò ti ṣe nǹkan kan kún un, otútù àyà mú bíi 19 nínú 100, níbi tí wọ́n ti ń fọ ẹnu ó mú bíi 11. Fífọ ẹnu ni o, kì í ṣe abẹ́rẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìyá kan ní Ìbàdàn ṣe àpẹẹrẹ, torí ilé wọn dáa, kì í ṣe pé wọ́n pa ìyá tì. Sítróòkù mú wọn lápá ọ̀tún, wọn ò lè gbé nǹkan mì, tíúbù ni wọ́n fi ń fún wọn ní ògì àti ọbẹ̀ lílọ̀. Ọmọ wọn obìnrin ń wẹ̀ fún wọn láàárọ̀ lálẹ́, ó ń yí wọn ní wákàtí méjì méjì, kò sí egbò kankan ní ìdí wọn. Fasilíìnì ló ń fi pa wọ́n létè, ìyẹn nìkan ló ń ṣe sí ẹnu. Mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i, mo rí nǹkan kan tó rí bí awọ, ó ní àwọ̀ búráùn, ó bo gbogbo òkè ẹnu. Ọmọ yẹn rò pé ẹran ara ni, pé ẹnu ìyá òun ń bó. Itọ́ tó ti gbẹ lórí ara wọn fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ni, kì í ṣe awọ rárá.

Ohun tá a ṣe nìyí. A kọ́kọ́ dúró kó tó wákàtí kan lẹ́yìn tí wọ́n ti fún wọn lóúnjẹ, torí tí ikùn bá kún, tẹ́ ẹ bá ki nǹkan sẹ́nu, wọ́n lè bì. A fi ìrọ̀rí gbé ẹ̀yìn wọn sókè títí wọ́n fi fẹ́rẹ̀ẹ́ jókòó, a jẹ́ kí àgbọ̀n wọn tẹ̀ wá síwájú díẹ̀, torí orí tó bá ti ṣubú sẹ́yìn, ńṣe ló ń ṣí ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró sílẹ̀. (Ẹni tí kò bá lè jókòó rárá tàbí tí kò mọ ibi tó wà, ẹ dà á sí ẹ̀gbẹ́, kí ojú ẹ̀ dojú kọ ìsàlẹ̀ díẹ̀, kẹ́ ẹ sì tẹ́ táwẹ́lì sábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ kí omi lè máa dà síta.) Ọmọ fọwọ́, ó wọ gílọ́ọ̀fù, ó sì sọ fún ìyá pé "Màmá, mo fẹ́ fọ ẹnu yín o," kó tó fọwọ́ kàn wọ́n. Ẹ má fo ìyẹn o, ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀ ṣì lè gbọ́ ọ̀rọ̀, ẹnu tí wọ́n bá sì já lu lójijì, á pa dé ni.

Ìdọ̀tí tó ti gbẹ yẹn, a ò fi èékánná họ ọ́, torí abẹ́ ẹ̀ tútù, ṣe ló máa ṣẹ̀jẹ̀. Góòsì tá a rẹ sínú omi mímọ́ tá a sì fún dáadáa títí kò fi kán mọ́ la fi ń tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, a dúró ìṣẹ́jú mélòó kan, a tún tẹ̀ ẹ́, kó lè rọ̀. Ìgbà tó rọ̀ la fi búrọ́ọ̀ṣì ọmọdé tó rọ̀, tí orí ẹ̀ kéré, gbá a láti ẹ̀yìn bọ̀ síwájú. Ẹ rántí pé láti ẹ̀yìn bọ̀ síwájú ni, kẹ́ ẹ má baà ti ìdọ̀tí yẹn sọ́nà ọ̀fun. Èyí tó bá já la fi góòsì kó kíá. Kò tán lọ́jọ́ yẹn o, díẹ̀ díẹ̀ la ń mú un ní gbogbo ìgbà tá a bá fọ̀ ọ́, ní bíi ọjọ́ mélòó kan òkè ẹnu wọn ti pupa bó ṣe yẹ.

Eyín fúnra ẹ̀, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì náà fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, kẹ́ ẹ dojú ẹ̀ kọ ibi tí eyín ti pàdé èrìgì, torí ibẹ̀ ni kòkòrò ń fara pa mọ́ sí. Ọṣẹ ìfọyín tí ẹ máa lò ò ju ìwọ̀n hóró ìrẹsì kan lọ, tó bá pọ̀, á hó, á sì di wàhálà fún ẹni tí kò lè tutọ́. Ẹ fi gbá ahọ́n náà fẹ́ẹ́rẹ́, kẹ́ ẹ má ki í jìn tó fi máa jọ pé wọ́n fẹ́ bì. Ẹni tí apá kan ojú ẹ̀ ti wọ́, ẹ wo inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ ní apá tó rọ yẹn dáadáa. Tó bá ṣì ń fẹnu jẹ díẹ̀, oúnjẹ á wà níbẹ̀ tí kò mọ̀, mo ti bá àmàlà àná níbẹ̀ rí. Lẹ́yìn ẹ̀, ẹ fi góòsì tó tutù nu gbogbo ẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi ìyókù ọ̀sán máa rẹ ẹnu àti ètè lẹ́ẹ̀kan láàárín wákàtí méjì sí mẹ́rin.

Ohun tí ẹ ò gbọdọ̀ ṣe ni kẹ́ ẹ da omi sẹ́nu wọn pé kí wọ́n fi yọ́ ẹnu. Gbogbo omi yẹn ni wọ́n lè fà wọ ẹ̀dọ̀fóró, a wá fọ ẹnu tán, a sọ ẹ̀dọ̀fóró di ibi ìdalẹ̀nù. Tí wọ́n bá ń wúkọ́ lójijì, tí ohùn wọn ń dún bí ẹni tí omi wà lọ́fun ẹ̀, tàbí tí ètè wọn ń dúdú, ẹ dáwọ́ dúró, ẹ dà wọ́n sí ẹ̀gbẹ́, ẹ jẹ́ kó tú jáde, tí mímí wọn ò bá sì tètè padà sípò, ọsibítù ni o. Ẹ má lo òwú, ó ń já sílẹ̀ lẹ́nu. Pákò tá a ń run, ó dáa fún ẹni tó lè run ún tó sì lè tu pàǹtí ẹ̀ dànù, ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì ò lè ṣe é. Ọsàn wẹ́wẹ́ àti glisirínì tí àwọn àgbà nọ́ọ̀sì máa ń lò tẹ́lẹ̀ náà, ẹ fi sílẹ̀, ńṣe ló ń mú ẹnu gbẹ sí i, omi ọsàn á sì máa jẹ eyín. Fasilíìnì tí ọmọ yẹn ń lò fún ètè, kò sí wàhálà tó bá jẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́, àmọ́ tí wọ́n bá ti fi ọ́síjìn sí wọn, ẹ lo ìpara tí wọ́n fi omi ṣe, kì í ṣe fasilíìnì.

Àwọn tó máa ń gé búrọ́ọ̀ṣì jẹ ńkọ́? Wọ́n wà, pàápàá àwọn tó ní àrùn ìgbàgbé. Ẹ má fi ìka yín sáàárín eyín láé, ìka lè já. Ẹ fi ọwọ́ yín ra ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn láti ìta, ẹ sọ̀rọ̀ fún wọn jẹ́jẹ́, ẹ fọ ìta eyín tẹ́ ẹ bá lè fọ̀, ẹ padà wá lẹ́yìn bíi ìdajì wákàtí. Tí wọ́n bá gé búrọ́ọ̀ṣì mú, ẹ má fà á, ẹ dúró, wọ́n máa ń tú u sílẹ̀ fúnra wọn.

Tẹ́ ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lára búrọ́ọ̀ṣì, ọ̀pọ̀ á ní "ó ti ń ṣẹ̀jẹ̀, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀." Ìdọ̀tí tó ti pẹ́ lára èrìgì ló sábà máa ń fà á, fífọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ lójoojúmọ́ ló ń mú un lọ, ó lè gbà tó ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì. Ẹni tó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì ni kẹ́ ẹ bi dókítà léèrè, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà tí kò dúró. Àwọn ibi funfun tó dà bíi wàrà tẹ́ ẹ nù tó kọ̀ tí kò kúrò, tàbí tó kúrò tí abẹ́ ẹ̀ sì pupa, ìyẹn kì í ṣe ìdọ̀tí, oògùn ló gbà, ẹ jẹ́ kí dókítà wò ó.

Eyín àtọwọ́dá ńkọ́, ẹ yọ ọ́ lálẹ́, ẹ fi ọṣẹ àti omi tí kò gbóná fọ̀ ọ́ lórí abọ́ omi kó má baà fọ́ tó bá já, ẹ jẹ́ kó sùn nínú omi tútù. Eyín ara wọn tó bá ń mì, ẹ fi ìka àti góòsì yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ má dúró títí á fi jábọ́ fúnra ẹ̀, torí ẹni tí ọ̀fun ẹ̀ ò ṣiṣẹ́ lè fà á wọ ẹ̀dọ̀fóró lójú oorun. Ẹ pe dókítà eyín kó wá yọ ọ́ fún wọn nílé tàbí kẹ́ ẹ gbé wọn lọ bá a.